Wọ́n ní ẹ̀rọ etí yìí ní Búlútúùtù: ṣé ìpè àti ohùn tẹlifíṣọ̀n yóò wọ etí Bàbá lóòótọ́?

Àbíkẹ́yìn Alágbàkà

Ẹ kú ilé o. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní Ìjàpọ̀ níbí ní Àkúrẹ́. Ilé ìwòsàn ti yẹ etí wọn wò, ẹ̀rọ etí méjèèjì ni wọ́n ní kí wọ́n lò. Ẹni tó fẹ́ tà á fún wa ní ó ní Búlútúùtù, pé ìpè fóònù àti ìròyìn tẹlifíṣọ̀n yóò máa wọ inú etí wọn tààrà. Fóònù Áńdíróídì tí kò wọ́n ni Bàbá ń lò. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó san owó?

---

Ọmọ Ẹkìmọgún

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Òǹdó, nítorí náà ẹ gbọ́ ti ẹni tó ń tú u palẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wò ó bóyá fóònù Bàbá ní Búlútúùtù 5.0 sókè. Tó bá ti ní in, ẹ̀rọ etí tó bá wù yín lẹ lè rà. Àwọn fóònù 4.2 àtijọ́ ló ń fa wàhálà. Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi gírámà dà yín láàmú.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Ẹkìmọgún, ẹ rọra. Iṣẹ́ kí n wọ ẹ̀rọ etí fún èèyàn ni mo ń ṣe jẹun. Nọ́ńbà tí ẹ sọ yẹn wúlò, torí pé lára àwọn ọ̀nà kan, fóònù tí kò bá tó 5.0 kì í sábà ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ti rí fóònù 5.0, àní 5.2, tí kò lè fi ìró kankan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ etí tí wọ́n so mọ́ ọn. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọ inú ẹ̀rọ ló ń pinnu. Ọ̀nà ọ̀hún kò sì pé ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń tan èèyàn jù. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n kọ Búlútúùtù sára páálí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí áàpù nìkan ni. Ẹ ó lè fi fóònù gbé fólúùmù sókè, ẹ ó lè pa ariwo ọjà mọ́lẹ̀, ẹ ó rí i bí bátìrì ṣe kù sí. Ìpè kò ní wọ inú rẹ̀ láéláé. Olùtajà kò parọ́, Búlútúùtù wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kò béèrè ohun tó wà fún.

Nínú àwọn tí ìpè ń wọ̀, àwọn kan ń lo ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún áífóònù, tó ti wà láti 2014. `MFi` ni ẹ ó rí tí wọ́n kọ. Ti Áńdíróídì ń jẹ́ `ASHA`, ó bá Áńdíróídì 10 dé ní 2019. Ibi tí àwọn tó ń lo fóònù olówó pọ́ọ́kú ti ń kàgbákò nìyí: ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló gbọ́dọ̀ fi `ASHA` sí i fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù tí kò wọ́n ni wọn kò sì fi sí. Bí Áńdíróídì rẹ̀ bá jẹ́ 13, kò ní kó wà níbẹ̀ dandan.

Ọ̀nà kejì ni Búlútúùtù ti àtijọ́, èyí tí gbohùngbohùn inú mọ́tò àti íàpíìsì gbogbo ń lò. Phonak ló gbé e wọ inú ẹ̀rọ etí ní 2017. Ẹ̀rọ irú èyí máa ń gba ìpè lára fóònù èyíkéyìí tó bá lè bá íàpíìsì ṣiṣẹ́, títí kan fóònù onítẹ̀-tẹ̀ kékeré. Ó ń jẹ bátìrì ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n fún Bàbá tí fóònù rẹ̀ kò wọ́n, òun ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.

---

Ọmọ Ẹkìmọgún

Ayẹtíwò, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ń kó ẹ̀rù bá àwọn èèyàn. `LE Audio`, ọ̀nà tuntun tí Búlútúùtù ń gbà gbé ohùn, ti dé báyìí, òun ni yóò pa gbogbo wàhálà `ASHA` àti `MFi` rẹ́. Kí wọ́n ra èyí tó ní i, kí wọ́n sì lọ sinmi.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Ọ̀rọ̀ ọ̀la nìyẹn, a kò sì bá ara wa jà lórí ẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n tó parí òfin `LE Audio`, Áńdíróídì 13 ló sì kọ́kọ́ gbà á. Fóònù gbọ́dọ̀ ní i, ẹ̀rọ etí náà gbọ́dọ̀ ní i, kí àwọn méjèèjì sì gbà láti fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Fóònù olówó ńlá ló kọ́kọ́ ń dé sí. Bí Bàbá bá ra ẹ̀rọ tó jẹ́ pé `LE Audio` nìkan ni ìpè ń gbà wọ inú rẹ̀, wọn yóò tún ra fóònù. Ta ni yóò sanwó fóònù?

---

Ará Òkè-Òkun

Ẹ kú àárọ̀ láti Mánṣẹ́sítà. Kí ló dé tí ẹ ń dààmú báyìí? Ìwọ Àbíkẹ́yìn, ra íàpíìsì `AirPods Pro 2` fún Bàbá. Láti ìparí 2024 ló ti ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ etí. Ìpè ń wọlé, orin ń wọlé, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀rọ etí.

---

Àbíkẹ́yìn Alágbàkà

Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Bàbá kò ní áífóònù o. Ilé ìwòsàn sì ní etí wọn ọ̀tún ti lọ jìnnà.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Iṣẹ́ ẹ̀rọ etí tí íàpíìsì yẹn ń ṣe wà fún ẹni tí etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di díẹ̀, títí dé ẹni tí tirẹ̀ di ní ìwọ̀nba. Ẹni tí tirẹ̀ ti jìnnà kò sí nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Áífóònù tàbí áípáàdì ni wọ́n sì fi ń tò ó. Bátìrì rẹ̀ kò lè gbé ẹnì kan láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ará Òkè-Òkun, bí ẹ bá fẹ́ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ gbọ́ èyí: ẹ má kàn ra ẹ̀rọ etí níbẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn ilé ìtajà ńlá kan lókè òkun máa ń ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà pa, tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tiwọn nìkan ló lè tò ó. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Ẹ̀rọ dára, ó tuntun, ìpè ń wọlé kedere, ṣùgbọ́n etí ẹlòmíràn ni wọ́n tò ó fún, n kò sì lè ṣí i. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà lọ bá ẹni tí yóò máa tò ó fún Bàbá, ì báà ṣe ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìbàdàn, kí ẹ bi í pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà yín lè ṣí èyí?"

---

Àbíkẹ́yìn Alágbàkà

Ẹ ṣé gan-an. Páálí tí wọ́n fi hàn mí, Búlútúùtù nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ irú èyí tó jẹ́?

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Ẹ má fi páálí ṣe. Ẹ mú Bàbá, ẹ mú fóònù wọn gan-an, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ fóònù Bàbá, kì í ṣe mọ́ fóònù olùtajà. Lórí Áńdíróídì, ẹ lọ sí `Settings > Accessibility > Hearing devices`. Bí ẹ bá rí ibẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì parí, torí àwọn fóònù kan ní ojú ewé yẹn láìní iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo ọ̀nà àtijọ́ kì í gba ibẹ̀ rárá, ibi tí ẹ ti ń so íàpíìsì ni yóò ti yọ.

Ẹ wá fi fídíò kan sí i. Bí ohùn bá ń ti ẹnu fóònù jáde, tí áàpù sì ń gbé fólúùmù ẹ̀rọ sókè sódò, ẹ ti rí ìdáhùn yín: àṣẹ nìkan ló ń kọjá, ohùn kò kọjá. Bí fídíò bá wọ etí Bàbá, ẹ bọ́ síta, kí ẹ pe nọ́ńbà Bàbá láti ojú pópó. Ẹ má dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ohùn ẹnu yín lásán ni wọn yóò gbọ́, wọn yóò sì rò pé fóònù ni. Ẹ bi wọ́n bóyá etí méjèèjì ló ń sọ. Àwọn ẹ̀rọ ti 2017 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, etí kan ni ìpè ń wọ̀ lára wọn. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló fi í sí méjèèjì. Tọkunbọ̀ irú àwọn ti àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń rìn káàkiri.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí ìpè, ìyẹn ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta: ṣé ẹ ń gbọ́ Bàbá? Pẹ̀lú `ASHA`, ohùn ẹni tó pè ló ń wọ etí, ṣùgbọ́n máìkì fóònù ló ń gbé ohùn Bàbá lọ. Bí wọ́n bá fi fóònù sórí tábìlì tí wọ́n fẹ̀yìn tì sórí àga, ẹni tó pè yóò máa pariwo pé, "Ẹ̀ ń gbọ́ mi? N kò gbọ́ yín!" Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sún mọ́ ẹnu. Lára ẹ̀rọ ọ̀nà àtijọ́, máìkì ẹ̀rọ etí ló ń gbé ohùn wọn, fóònù lè wà nínú àpò agbádá. Àwọn áífóònù láti 11 sókè náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ etí bá jẹ́ tuntun tó.

---

Ìyá Ìbejì Aráròmí

Ẹ jọ̀ọ́, ti tẹlifíṣọ̀n ló kàn mí. Ọkọ mi ní ẹ̀rọ etí, ìpè ń wọlé dáadáa. A gbìyànjú láti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa tó ní Búlútúùtù. Ó so lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu oníròyìn ti pa dé kí ohùn tó wọlé. Ni wọ́n bá ní ká ra àpótí kékeré kan tí ń gbé ohùn. A rà á, a ki í bọ inú ihò íàpíìsì ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Ìbejì ń gbọ́, àwa yòókù nínú pálọ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́! Ó ń dá rẹ́rìn-ín sí eré, a ń wò ó.

---

Ọmọ Ẹkìmọgún

Ihò íàpíìsì ni. Bí ẹ bá ti ki nǹkan bọ̀ ọ́, tẹlifíṣọ̀n yóò pa gbohùngbohùn rẹ̀. Wáyà olórí méjì kò lè yanjú ìyẹn, torí tẹlifíṣọ̀n ti pa ẹnu ara rẹ̀ dé. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Ẹkìmọgún mọ èyí dáadáa. Ẹ jẹ́ ká mú ti ìyá yìí, ká tò ó.

Ìdádúró tí ẹ rí yẹn, Búlútúùtù ti àtijọ́ ló ń fà á. Ó máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ojú sì máa ń rí i. Lórí ìpè kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, torí ẹ kò rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nítorí èyí ni àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ etí fi ń ṣe àpótí tẹlifíṣọ̀n tiwọn, tí ohùn inú rẹ̀ ń yára. Ti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, àpótí tuntun kì í gba ẹ̀rọ àtijọ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà Àbíkẹ́yìn, kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ, ẹ béèrè iye àpótí rẹ̀, kí ẹ sì rí i bóyá ó wà nílẹ̀. Owó ọ̀tọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ yí tẹlifíṣọ̀n padà, kí ẹ wá ihò kékeré onígun mẹ́rin tó ní ìlẹ̀kùn, tí wọ́n kọ `OPTICAL` sí. Bí ẹ bá ṣí i nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wà lórí, iná pupa máa ń tàn nínú rẹ̀. Ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ ibẹ̀. Gbohùngbohùn kì í sábà kú. Lẹ́yìn náà ẹ wọ inú ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Digital Audio Out`, kí ẹ mú `PCM`. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé èyí. Bí ó bá wà lórí `Dolby` tàbí `Auto`, ọ̀pọ̀ àpótí kì í lóye rẹ̀: iná àpótí yóò tàn, etí yóò dákẹ́. Tàbí kí ìkànnì kan máa sọ̀rọ̀, kí èkejì dákẹ́ jẹ́jẹ́, tí ẹ ó fi rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

---

Ìyá Ìbejì Aráròmí

Mo ti wò ó. Tẹlifíṣọ̀n wa ti pẹ́, kò sí ihò oníná pupa lẹ́yìn rẹ̀.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Dikódà ń kọ́? Bí ó bá jẹ́ wáyà `HDMI` ni ẹ fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ihò funfun àti pupa ẹ̀yìn dikódà kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Lára ọ̀pọ̀ dikódà, méjèèjì máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti ibẹ̀ mú wáyà lọ sí àpótí. Bí ó bá jẹ́ ihò róbótó kan ṣoṣo ló ní, wáyà olórí mẹ́ta tó bá dikódà wá ni kí ẹ lò, torí ètò inú wáyà yẹn kì í bá ara wọn mu bí ẹ bá kàn ra èyíkéyìí lọ́jà. Ẹ fi ti òfeefèé sílẹ̀, àwòrán nìyẹn.

Ohun méjì ni yóò yí padà. Ohun tó bá ti inú dikódà wá nìkan ni Bàbá Ìbejì yóò máa gbọ́, bí ẹ bá ki fíláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n kò ní wọlé. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kò sì ní kan ohùn tirẹ̀ mọ́. Ẹ lè pa ohùn pálọ̀ pátápátá lálẹ́, kí àwọn ọmọ sùn, kí òun máa gbọ́ ìròyìn lọ.

---

Ìyá Ìbejì Aráròmí

Ó ṣiṣẹ́! Ó ti ń gbọ́, àwa náà ń gbọ́. Àmọ́ ó ní ohùn ń wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì, pé àwọn oníròyìn ń tún ọ̀rọ̀ ara wọn sọ. Nígbà tó wá dín máìkì kù nínú áàpù, ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá pè é jẹun, kò dáhùn mọ́. Èwo ni kí n yàn?

---

Ọmọ Ẹkìmọgún

Ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, Ìyá wa. Yóò gbọ́ òórùn.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Ẹ dín ohùn pálọ̀ kù díẹ̀, kí ẹ sì dá máìkì padà sí ìdajì. Kò ní pé pátápátá. Ohùn àpótí àti ohùn pálọ̀ kì í dé lójú kan náà.

---

Díákónì Ìjọ̀mù

Ṣé àpótí yìí lè ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn àgbà ìjọ wa tó ń lo ẹ̀rọ etí kò gbọ́ ìwàásù.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Bí gbogbo wọn bá ń lo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan náà, ó lè ṣe é, torí àwọn àpótí kan ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìjọ, ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀. `Auracast`, ọ̀nà Búlútúùtù tí ń fọ́n ohùn kan sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n ń ṣe fún irú ibẹ̀ báyìí. Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí òmíràn sílẹ̀ lórí èyí, kó má baà gba tí Bàbá lọ.

---

Ará Òkè-Òkun

Kí ẹ tó kúrò: bátìrì ni ẹ ń gbàgbé. Èyí tí wọ́n ń gba agbára sí ló dáa. Kò sí pé ìka àgbàlagbà ń wá bátìrì tín-tín nílẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì Aráròmí

Bọ̀dá, ẹ ti pẹ́ ní Mánṣẹ́sítà. Níbí, iná lè lọ lálẹ́ kó má dé títí di ọ̀sán. Bátìrì ni tiwa, èyí tó ní ìlẹ̀mọ́ aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ bọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn díẹ̀, ó parí.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gba agbára sí máa ń lò tó ọjọ́ kan, ṣájà rẹ̀ sì lè mu agbára láti ara páwà báńkì, àwọn ṣájà kan tiẹ̀ ní tiwọn nínú. Ṣùgbọ́n bí bátìrì inú rẹ̀ bá gbó, ẹ kò lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Bátìrì oníìlẹ̀mọ́ kò bìkítà bóyá iná wà, àmọ́ bí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́, yóò tètè kú, ọyẹ́ náà sì máa ń gbẹ ẹ́. Ọwọ́ Bàbá ni kí ẹ wò: bí ó bá ń gbọ̀n, ẹ mú èyí tí wọ́n ń gba agbára sí. N kò ní bá yín jà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

---

Àbíkẹ́yìn Alágbàkà

Mo ti padà dé láti ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́ ló rí. Áàpù gbé fólúùmù sókè, ó gbé e sódò, ṣùgbọ́n fídíò ń ti ẹnu fóònù jáde. Mo pè láti ojú pópó, fóònù ló ń dún. Olùtajà ní fóònù Bàbá ni kò dáa, ó so ẹ̀rọ mọ́ fóònù tirẹ̀, ìpè wọlé kedere. Ó ní ká ra fóònù irú tirẹ̀. Bàbá tún ní ohùn tó wọlé lára fóònù ẹni náà tín-ín-rín, pé kò ní ìjìnlẹ̀.

---

Ọmọ Ẹkìmọgún

Ẹ ra fóònù. Fóònù rọrùn ju ẹ̀rọ etí lọ, ẹ ó sì fi ṣe ohun mìíràn.

---

Ayẹtíwò Ọ̀bá-Ilé

N kò gbà. Bàbá mọ fóònù wọn lórí. Bí ẹ bá fún wọn ní tuntun, ẹ ó máa kọ́ wọn fún oṣù mélòó kan, bí fóònù tuntun náà bá sì sọnù, ìpè tún dákẹ́ títí ẹ ó fi rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùtajà kò bá ní ẹ̀rọ ọ̀nà àtijọ́ tó lè gbé etí ọ̀tún wọn, Ẹkìmọgún lè jàre.

Ti ohùn tín-ín-rín, ẹ wo róbà orí ẹ̀rọ tó wọ inú etí. Bí ihò bá wà lára rẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ ń sá jáde. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tí kò ní ihò sí i tàbí kí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n wọn etí Bàbá sí. Wọ́n lè ní ohùn ara wọn ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ẹni tó ń tò ó lè dín ìyẹn kù lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ bi olùtajà bóyá wọ́n ní èyí tó ń lo ọ̀nà àtijọ́. Bí wọ́n bá gbé e jáde, fóònù Bàbá náà ni kí ẹ tún fi dán an wò, kí ẹ sì tún pè láti ojú pópó. Kí wọ́n kọ sínú rìsíìtì pé ẹ lè dá a padà bí ìpè kò bá wọlé lára fóònù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

---

Àbíkẹ́yìn Alágbàkà

Wọ́n ní yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn kò fẹ́ kọ ti fóònù sínú rìsíìtì.

---

Ìyá Ìbejì Aráròmí

Ẹ má san ju owó àsansílẹ̀ lọ nígbà náà.